Àdúrà Tí Mo Fi Sá Lọ

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Kàbà, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí gbogbo wa máa ń yà fún lọ́nà. Kì í ṣe pé ó burú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló gùn. Bí o bá kí i ní ìdúró, o di ẹni tó jókòó, bí o bá sì jókòó, oòrùn á kúrò lórí òrùlé kan, á bọ́ sí òmíràn lójú rẹ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Àwọn méjèèjì jọ dáko iṣu títí ikú fi mú bàbá mi lọ.

Mo ti wá mọ ohun tí bàbá yìí ń wá ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti bínú lọ sí Mìnà láti ọdún márùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀, kò sì wálé mọ́. Bàbá ló lé e, nítorí pé ó kọ iṣẹ́ oko. Nísinsìnyí bàbá fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà tọ akọ̀wé tó ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ, torí kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà á ti gbọ́. Èmi ló ń dúró dè. Yunifásítì ní Ìbàdàn ni mo wà, n kì í pẹ́ nílé, ọ̀rọ̀ náà á sì bá mi lọ. Èmi kò mọ ìkankan nínú èyí lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo mọ̀ ni bí a ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ àgbà. Ìyá mi ti kọ́ mi. O kò gbọdọ̀ sọ pé o fẹ́ lọ. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà sú òun. Kọ́kọ́ mú fìlà rẹ kúrò nílẹ̀, kí o gbé e lé orúnkún, kí o má sì wò ó. Lẹ́yìn náà, mú ọ̀kan nínú ohun tó sọ, kí o tún un sọ, kí ó lè mọ̀ pé ò ń gbọ́. Sọ pé ẹnìkan ń retí rẹ, kí ó má baà jẹ́ pé ìwọ lo yàn láti lọ. Sọ pé wàá padà wá gbọ́ èyí tó kù. Bí gbogbo ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ní kí ó gbàdúrà fún ọ. Kò sí àgbà tí yóò kọ̀. Bí àdúrà bá sì ti parí, ìjókòó ti tú nìyẹn, àgbà fúnra rẹ̀ ló tú u.

“Akọ̀wé!” ni bàbá ké sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. “O fẹ́ kọjá mi bíi mọ́tò àwọn òyìnbó?”

“Rárá o, Bàbá. Òkun o. Ẹ kú ìjókòó.”

“Jókòó. Àpótí yìí kì í jẹni nídìí.”

Mo jókòó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí ní ilé kan tí wọ́n ti gbé gírámófóònù tuntun dé. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ń sáré lọ ṣe. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí eéṣú jẹ oko. Ó dé orí bí bàbá mi ṣe máa ń gbé ọ̀pá fún iṣu, pé ọwọ́ òsì ló fi ń so ìtàkùn rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Ó bú ẹ̀wà ọdún yẹn. Ó wá ṣa igi kékeré kan nílẹ̀.

“Ọkọ̀ ojú irin yẹn, ṣé ó máa ń dúró ní Mìnà?”

“Ó máa ń dúró, Bàbá.”

“Hẹn.” Ó ń fi igi ya ilẹ̀. “Ìwé tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ó máa ń dé ọwọ́ ẹni tó ni ín?”

“Ó máa ń dé.”

Ó mirí. Mo rò pé yóò sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ó tún padà sórí iṣu. Mo bá gbé fìlà mi lé orúnkún.

“Fìlà rẹ ti ń rìn,” ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. “Àwa náà ti gbé e lórúnkún rí.”

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò gbé e sílẹ̀. Mo ní, “Ọ̀rọ̀ bàbá mi tí ẹ sọ yẹn, pé ọwọ́ òsì ló fi ń so iṣu, n kò gbọ́ ọ rí. Màá sọ ọ́ fún ìyá mi. Àwọn ni wọ́n ń retí mi.”

“Ó ku díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà…”

“Màá padà wá gbọ́ èyí tó kù, Bàbá. Ẹ gbàdúrà fún mi.”

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà tirẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣìnà. Ó ní ọ̀nà tó bá gbé mi lọ ni kó gbé mi bọ̀, kí n má di ẹni tí ilé ń retí títí. Mo ṣe àmín, mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ.

Nígbà tí mo dé ìyànà, mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá ti gbé ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó wá rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. A kì í pe ẹni tí a ti súre fún lọ́nà padà. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún ìyá mi pé ọmọ rẹ̀ mọ̀wàá hù, ilé ẹ̀kọ́ gíga kò bà á jẹ́. Inú ìyá mi dùn. Ní ọjọ́ kẹta mo wọ lọ́rì padà sí Ìbàdàn.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí mo tún wálé. Bàbá ti kú láti oṣù kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó lọ́kọ sí Mopà ló wà nílé. Mo lọ kí i. Ó wọlé, ó mú pépà funfun kan tí a kò kọ nǹkan kan sí jáde, pẹ̀lú àpòòwé tí wọ́n ti lẹ sítáǹpù mọ́. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Mìnà náà fún mi.

“Tíṣà kan ní òun á bá Bàbá kọ lẹ́tà náà nígbà tí àìsàn dé,” ló wí. “Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní o ti sọ pé o máa padà wá gbọ́ èyí tó kù.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó kàn na pépà náà sí mi.

“Kí ni wọ́n fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀?” ni mo bi í.

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ìwọ ni wọ́n fẹ́ sọ fún.”

Mo kọ ọ́ níbẹ̀, lórí àpótí yẹn. Lẹ́tà tí a fi túfọ̀ bàbá fún ọmọ rẹ̀ ní Mìnà ni ó jẹ́. Mo kọ pé bàbá rẹ̀ fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀rọ̀ tí ì bá fi bẹ̀ ẹ́, n kò sì lè ti orí ara mi hun ún.

Ọmọ náà wálé kí n tó padà. Ó wá bá mi ní ilé wa, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣòkòtò kakí. Ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí bàbá òun sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí n má fi ìkankan pamọ́. Mo sọ ọ́ fún un: eéṣú, iṣu, ọwọ́ òsì bàbá mi, ẹ̀wà, ọkọ̀ ojú irin, ìwé tó máa ń dé. Ó tẹ ara síwájú, ó ń dúró de ìyókù. Mo tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ń sọ ọ́ gùn, bóyá mo lè rí nǹkan kan tí mo gbàgbé.

Nígbà tí mo wojú rẹ̀, ó ti mú fìlà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ti gbé e lé orúnkún, kò sì wò ó.

“Ẹ ṣé gan-an,” ló wí. “Ti ọwọ́ òsì yẹn, n kò gbọ́ ọ rí. Àbúrò mi ń retí mi nílé.”