Ímeèlì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù Ọmọ Mi

Ilé ìwé kan ní Ìpájà fẹ́ gbé iṣẹ́ aṣọ rírán fún ọmọ mi obìnrin, àmọ́ wọ́n ní ímeèlì tó bá ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan làwọn máa gbà. Kí iṣẹ́ náà má bàa bọ́, mo mú un lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá oníkọ̀ǹpútà ní Ìkòtún. Bọ̀dá ní òun á forúkọ òun ra dòméènì, ìyẹn orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí òun ti ní àkáǹtì níbi tí wọ́n ti ń tà á.

Ọmọ mi ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ fi rà á. Tẹ́ ẹ bá kó lọ lọ́la ńkọ́?”

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ọmọ yín gbọ́n ṣá!” Ó sì fi orúkọ ọmọ mi rà á.

Ímeèlì tí ọmọ mi kọ́kọ́ fi dán an wò bọ́ sínú sípáàmù lórí fóònù mi, ibi tí wọ́n ń da lẹ́tà tí wọn ò fọkàn tán sí. Mo ní iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

“Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀ jàre,” ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí bọ̀dá fi ìlà kan kún ètò dòméènì náà, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ wa ni lẹ́tà náà ti wá. A dúró díẹ̀, ó fi òmíràn ránṣẹ́, ìyẹn sì wọlé tààrà. Ó wá kọ̀wé sí ilé ìwé náà, wọ́n sì fèsì pé àwọn ti rí i.

Nígbà tí a ń sọdá títì, mo di ọwọ́ ọmọ mi mú bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré. Kò já a gbà lọ́wọ́ mi.