Ìlà Kẹrin Lórí Bébà Àǹtí Wúrà

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí mo ṣí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ìwé àtijọ́, tó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ìwé kan ni mo ń wá. Rónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe, ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tí a kò ti gbúròó ara wa. Ó ní:

“Ìwọ ọ̀mọ̀wé, ṣé o ṣì ń jẹ ìwé bí ikán? Rónkẹ́ ni o. Màmá mi wà ní ọsibítù níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ti gé nǹkan kan lára wọn lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ní ká máa retí èsì. Fóònù wíwò ti sú mi. Sọ ìwé ìtàn kan fún mi, èyí tí o fẹ́ràn jù lọ. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ tán o.”

Mo jókòó sílẹ̀. Ìwé tí mo fẹ́ràn jù lọ wà nínú àpótí yẹn. Rónkẹ́ sì ni ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ fún pé kó kà á.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń rí ìwé kà lórí fóònù lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rí i kà nígbà náà. Ilé wa wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìjagun. Odi kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti Àǹtí Wúrà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí pẹpẹ ìwé rẹ̀ gba ògiri pálọ̀ kan tán. Ìwé ìtàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ ni a máa ń lọ, àwa ọmọ mẹ́fà tàbí méje. A ó wẹ ọwọ́ wa nínú bàsíà, a ó na ọwọ́ síwájú kí ó yẹ èékánná wa wò, bíi pé oúnjẹ la fẹ́ jẹ. Ẹni tí èékánná rẹ̀ bá dúdú yóò lọ jókòó ti ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé títí ìyókù yóò fi mú ìwé tán. Ewúrẹ́ yẹn mọ̀ mí dáadáa.

Òfin kan wà. Ẹni tó bá ka ìwé tán gbọ́dọ̀ kọ bébà kékeré kan fún ẹni tí yóò kà á tẹ̀ lé e. Ìlà mẹ́rin péré ni. Ìlà kìn-ín-ní: níbo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ta ni a kọ́kọ́ pàdé nínú rẹ̀? A kò gbọdọ̀ kọjá orí kẹta. Ìlà kejì: báwo ni ìtàn náà ṣe ń rìn, ṣé ó ń sáré ni tàbí ó ń rọra? Ìlà kẹta: ta ni yóò gbádùn rẹ̀? Ìlà kẹrin: ta ni kí ó fi í sílẹ̀ ná?

Àwa ọmọdé kò fẹ́ràn ìlà kẹrin. A rò pé ó ń ba ìwé lórúkọ jẹ́. Àǹtí Wúrà á ní, “Ẹni tó bá sọ fún ọ pé gbogbo ènìyàn ni ọbẹ̀ òun yẹ, kò rò ti ẹni tó ní egbò lẹ́nu.”

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo ka *Àga Ẹnu Ọ̀nà*. Mo kà á lọ́jọ́ mẹ́rin. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé kà á, nítorí náà mo kọ bébà rẹ̀ bí ẹni ń polówó ọjà:

“1. Ìlú ẹ̀bá ọ̀sà ni. Bàbá kan mú agboòrùn jáde lọ́jọ́ tí kò sí oòrùn, tí kò sì sí òjò. Àwọn ará ilé rẹ̀ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
2. Ó ń rọra rìn, ṣùgbọ́n o kò ní lè gbé e sílẹ̀.
3. Ẹni tó bá fẹ́ràn ilé tí èrò pọ̀ sí, àti ìyá àgbà aláwàdà.
4. Kò sí.”

Rónkẹ́ ló kàn. Ó mú ìwé náà lọ.

Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà nìyí, mo fẹ́ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Mo mọ̀ pé bàbá Rónkẹ́ ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń kó gàrí lọ sí òkè Ọya. Mo mọ̀ pé ó ti lọ, àti pé ó máa ń padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kẹta ti wọlé. Mo rí bàtà rẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, tí eruku ti bò. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí Rónkẹ́ bá ti ń kọjá, tí wọ́n á sì béèrè ohun tí wọn kì í béèrè tẹ́lẹ̀: “Rónkẹ́, o ti jẹun?” Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. N kò kàn so wọ́n pọ̀ mọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó bá mi lẹ́bàá odi kejì, èyí tó wà láàárín ilé wa àti ilé tiwọn. Ìka rẹ̀ wà láàárín ìwé náà, ní orí kẹsàn-án.

“Ṣé ó padà dé?” ni ó béèrè.

“Ta ni?”

“Ṣé o ò mọ̀ ni? Bàbá inú ìwé. Ṣé ó padà dé?”

“Kà á tán.”

“Jọ̀ọ́. Èyí nìkan ni kí o sọ fún mi.”

Òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀. Mo ti ro ẹ̀rín yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Kò ní ìtumọ̀ kankan ju ìgbéraga lọ. Rónkẹ́ wo ojú mi pẹ́, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì sáré wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn odi: “Màmá! Bàbá máa dé ní Sátidé!”

N kò mọ ibi tó ti rí Sátidé. Ìyá rẹ̀ kò sì bi í. Bóyá ó gbà pé ọmọdé máa ń rí ohun tí àgbà kò rí, bóyá ó kàn fẹ́ gbà á gbọ́ ni. Láàárọ̀ Sátidé, ó fọ bàtà balùwẹ̀ náà, ó sá a sóòrùn. Ó rin ewùrà láti fi se ìkọ́kọrẹ́, èyí tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn, ó sì fi ẹja tútù tó dáa sí i. Òórùn rẹ̀ fo odi wá bá wa. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa, ó ń gbọ́ òórùn náà.

Lọ́wọ́ ọ̀sán, ọkùnrin méjì wọ inú ọgbà wọn. Mo dá ọ̀kan mọ̀: awakọ̀ ni, ó máa ń bá bàbá Rónkẹ́ jókòó. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Wọ́n gbé àga fún wọn, wọn kò jókòó. Wọ́n bu omi fún wọn, wọn kò mu ún.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, kò wo ojú ìyá Rónkẹ́, “ta ni àgbà nínú ilé yìí?”

Rónkẹ́ ti sáré jáde ní gbọ̀ngán, inú rẹ̀ ń dùn. Ó wo ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin náà bóyá ẹni kẹta ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo odi, ó rí mi.

Kí oṣù tó parí, ìyá rẹ̀ ti kó wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Imusin, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹlòmíràn ló dá ìwé náà padà. Bébà mi ṣì wà nínú rẹ̀, ní orí kẹsàn-án. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù fa igi lé “Kò sí” ní ìlà kẹrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀: “Èmi.”

Àǹtí Wúrà kà á. Kò bá mi wí. Ó gbé ìwé náà fún mi, ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó nira fún mi láti dá Rónkẹ́ lóhùn. Mo rò ó pé kí n dárúkọ ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ló béèrè, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, ó tó ìgbà márùn-ún. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

“Rónkẹ́, o kú ìtọ́jú Màmá. *Àga Ẹnu Ọ̀nà* ṣì ni. N kò lè sọ pé òun ló dára jù láyé, nítorí n kò tíì ka ìwé ayé tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì tún rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. O mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: agboòrùn, àga, ìlú ẹ̀bá ọ̀sà. Ìtàn bàbá tó jáde kọ́ ni lóòótọ́, ìtàn àwọn tó kù nílé ni. Ó ń rọra rìn. Ní ogójì ojú-ìwé àkọ́kọ́, kò sí ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yá kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìsọ̀rọ̀ ará ilé, tó lè rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rù ti ń bà á, yóò gbádùn rẹ̀ gan-an. Ìlà kẹrin: kí ẹni tó ń retí ìròyìn lọ́wọ́ fi í sílẹ̀ ná. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ nígbà yẹn. Mo rí i, n kò kọ ọ́. Má bínú.”

Àmì méjèèjì tó wà lábẹ́ iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ yípadà sí búlúù. Ó ti kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló fi fèsì:

“Ṣé ó padà dé?”

Mo pè é lórí fóònù. Mo sọ ohun tó wà ní orí ìkẹyìn fún un, látòkè délẹ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ẹ̀yin náà lè rí ìwé náà kà lọ́jọ́ kan. Mo ń gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì tó ń pe orúkọ àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn.

“Ó dáa,” ni ó wí níkẹyìn. “Mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n má fi í rán ẹnikẹ́ni o. Ìwọ gan-an ni kí o gbé e wá.”

Àǹtí Wúrà ti kú, wọ́n ti fi ilé rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó ń yẹ èékánná ọmọ wò kó tó fún un ní ìwé. Ìmọ̀ràn lórí ìwé ti di ìràwọ̀ márùn-ún lójú fóònù. Síbẹ̀, n kò tíì rí ohun tó dára ju ìlà mẹ́rin yẹn lọ, mo sì ti wá a.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, Rónkẹ́ wà lórí àga gígùn lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi.

“Na èékánná,” ni ó wí.

Mo na ọwọ́. Ó sún díẹ̀, àyè kan sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. A ṣí ìwé náà sí orí kìn-ín-ní. Èsì kò tíì dé.