Orúkọ Mi Kò Sí Lára Ilẹ̀kùn Wíwọ́ Yẹn

Mo fi eyín méjì tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí.

Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Gbọnrangandan, torí ohun tó bá kàn kì í wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ yá ayùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù. Háà! Ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́ bí ọ̀mùtí tó ń wá ọ̀nà ilé. Bí èèyàn bá sín, yóò ṣí. Síbẹ̀ inú onígbàjámọ̀ dùn dé èékánná. Ó ya á ní fọ́tò, ó gbé e sójú ewé rẹ̀ lórí ayélujára, ó sì so orúkọ Gbọnrangandan mọ́ ọn láti fi dúpẹ́ ayùn.

Bí fọ́tò náà ṣe yọjú sójú ewé Gbọnrangandan nìyẹn, láàárín àwọn àga àti tábìlì tó fi ń pe oníbàárà. Ìyáàfin ọ̀gá ilé-ìwé, tó fẹ́ gbé iṣẹ́ sẹ́lífù fún un, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ṣé Gbọnrangandan ló kan èyí? Ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó wò.”

“Baba ọmọ mi, ẹ pe onígbàjámọ̀ kó pa fọ́tò rẹ́!” ni ìyàwó Gbọnrangandan ń pariwo.

“Kí n ní kó pa ayọ̀ rẹ̀ rẹ́? Òun ló ni fọ́tò. Èmi ni mo ni orúkọ, tèmi ni n óò mú.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà tẹ fọ́tò náà, ó tẹ àmì ìdánudúró mẹ́ta tó tò léra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yan pé kí orúkọ bàbá rẹ̀ kúrò. “Ó tán, Bàbá. Fọ́tò náà ti kúrò lójú ewé yín. Ó ṣì wà lójú ewé ọ̀rẹ́ yín.”

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo fọ́tò ara rẹ̀ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́, kí ni kò ní rí? Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tòun ti abẹ lọ́wọ́. Oníbàárà tó fá lórí lápá kan ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Ṣé mò ń tì ọ́ lójú ni?”

“Ìwọ kọ́. Ilẹ̀kùn rẹ ni.”

“Ilẹ̀kùn tó dúró dáadáa!”

“Ó dúró, bí ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ṣé mo ní kó o pa á rẹ́? Bí mo bá fúnra mi fá orí mi kámakàma, tí mo wá so orúkọ rẹ mọ́ ọn pé ìwọ lo yá mi lábẹ, ta ni àwọn èèyàn yóò sá fún?”

Oníbàárà fọwọ́ bo apá ibi tí wọ́n fá. “Ọ̀gá, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ wá parí tèmi kí ẹnìkan tó ya mí ní fọ́tò.”

“So orúkọ rẹ padà, ọ̀rẹ́ mi.”

“Láéláé! Ọ̀rẹ́ ni wá lónìí, ọ̀rẹ́ ni wá lọ́la. Orúkọ mi kò ní padà síbẹ̀.”

Onígbàjámọ̀ pòṣé, ó wú àyà, ó yọ fóònù, ó sì kọ èsì sí ìyáàfin lábẹ́ fọ́tò náà lójú gbogbo wọn: “ÈMI NÌKAN ni mo kàn án! Ayùn ni mo yá, n kò yá ọwọ́!”

Kó tó jáde tán, fóònù Gbọnrangandan dún. Ìyáàfin ni: “Ẹ máa bọ̀ wá wọn ògiri fún sẹ́lífù.”

Ẹ ṣáà má fi eyín mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn kì í ṣí bí èèyàn bá sín. Ìyẹn nìkan ni mo fi kún un.