Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lórí Kéréètì Láàárín Páálí Ọṣẹ

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wa tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹni tó bá tajà jù nínú oṣù mẹ́ta ló máa ń ṣí ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e. Wọ́n á gbé ọ̀já pupa tí wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ góòlù mọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, wàá gun orí kéréètì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wàá sì sọ ọ̀rọ̀ tí ara gbogbo èèyàn á fi yá. Ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú là ń tà fún àwọn onísọ̀ ní Ìdímù, Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún. Mi ò rò ó rí pé òfin yẹn lè kàn mí, àgàgà nínú oṣù mẹ́ta tí mò ń wí yìí, tó jẹ́ pé oṣù méjì nínú ẹ̀ ni mo fi jókòó sílé tí mò ń fún ọmọ lọ́mú.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀ọ́dúnrún páálí ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tà. Nítorí ìsinmi ìbímọ, wọ́n gé tèmi sí ọgọ́rùn-ún. Mo ta àádọ́rin. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ta àádọ́jọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọ́fíìsì àgbà kì í wo iye páálí. Ohun tó o tà nínú ohun tí wọ́n ní kó o tà ni wọ́n ń wò. Ẹ̀gbọ́n ṣe ìdajì tiẹ̀, èmi ṣe ju ìdajì tèmi lọ dáadáa. Bí ẹni tó ta ọjà tó kéré jù ṣe di ẹni àkọ́kọ́ lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kọ èsì wa sí nìyẹn o.

Ọ̀gá wa pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

"Ìyá ọmọ, o kú oríire. Ìwọ lo máa ṣí ìpàdé lọ́la."

"Ọ̀gá, ilé ni mo wà o!"

"Bọ́ọ̀dù ò mọ̀yẹn." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, sọ ohun tó máa fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ọjà ò lọ, ẹni méjì sì ti fi wá sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá tún lọ, wọ́n á ti ibí yìí pa, wọ́n á kó gbogbo wa lọ sí Àgbàdo. Mo sì gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ti kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀."

Àgbàdo kẹ̀! Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mò ń fi ọmọ sí, ilé wọn ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ síbi iṣẹ́ wa ní Ìdímù. Tó bá di ọ̀sán, mo máa ń sáré lọ fún un lọ́mú, màá sì ti padà kí ọ̀gá tó jẹun tán. Láti Àgbàdo, ọmọ á ti sunkún títí á fi sùn kí n tó dé. Ẹ wò ó, mi ò lọ fún ẹnikẹ́ni níṣìírí kankan o. Ọkùnrin kan ni mo fẹ́ dá dúró.

Ọ̀gá fi ohun tí màá kà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí i. Mo dà á kọ sínú ìwé. Mo kà á fún ọmọ mi wò. Ó sùn lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú yàrá ìkẹ́rù la ti ṣèpàdé. Páálí tí kò lọ ti gba gbogbo ibẹ̀ dé òrùlé, a ò ráyè gbé àga sí, la bá jókòó lórí ọjà tí a ò tà. Ọ̀gá gbé ọ̀já kọ́ mi lọ́rùn. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni wọ́n rán an fún nígbà kan, ó dé orúnkún mi. Mo gun kéréètì, mo ṣí ìwé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ni àṣá!"

"Àṣá wo ló ń ru ọṣẹ kiri Ìkòtún?" Ẹ̀gbọ́n ni.

"Ẹ jẹ́ ó kà á jàre," obìnrin kan tó ń mójú tó apá Ẹgbẹ́dá dáhùn. "Bóyá adìyẹ ló kàn."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó na apá méjèèjì. "Ẹ na ìyẹ́ yín! Gbogbo yín!" A nà án. Apá ọ̀gá gbá páálí kan lókè, ó já lulẹ̀, ó bẹ́, ọṣẹ fọ́n sí wa lójú. Àwa àṣá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ẹnì kan sín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n lára pé àyà mi gbóná. Àkókò tí ọmọ máa ń mu ọmú ti tó, wàrà sì ti gba inú aṣọ mi kọjá sára ọ̀já. Obìnrin Ẹgbẹ́dá yẹn rí i.

"Ìyá ọmọ, o ò tíì kàwé tán, ọmú ẹ ti ń sọ̀rọ̀."

Ni mo bá ká ìwé náà sápò.

"Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni bọ́ọ̀dù yẹn," mo wí. "Torí pé mo bímọ ni mo fi gbapò kìíní."

"Ṣé kémi náà lóyún ni?" Ẹ̀gbọ́n bi ọ̀gá. "Ẹ kúkú sọ fún mi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo wá kọjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí oṣù mẹ́ta tó ṣáájú èyí, gbogbo wa la tà tó iye tí wọ́n fún wa. Báwo la ṣe tà tó bẹ́ẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù mẹ́ta yẹn, gbogbo wa ń bẹ àwọn onísọ̀: ẹ bá mi gba páálí márùn-ún sí i, ẹ bá mi gba mẹ́wàá. Wọ́n gbà á torí pé wọ́n fẹ́ràn yín. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rí páálí yẹn ní ìsọ̀ wọn, eruku ti bò ó. Wọn ò tíì tà á, báwo ni wọ́n á ṣe ra òmíràn? Ẹ mọ ọjà tà o. Ẹ tà á ju bí àdúgbò ṣe ń fọṣọ lọ ni."

Ọ̀gá wolẹ̀, torí pé òun ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

"Lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí wọ́n ra nǹkan kan," mo ní. "Ká gbé bàsíà omi síwájú ìsọ̀ wọn, ká máa fọ aṣọ tó dọ̀tí lójú àwọn oníbàárà. Tí ti inú ìsọ̀ bá tán, àwọn fúnra wọn á pè wá."

Ẹ̀gbọ́n dìde lórí páálí tó jókòó lé. "Bọ́ ọ̀já yẹn wá. Ó ti dọ̀tí, ká fi dánra wò."

Wọ́n gbé omi wá. Ó bu ọṣẹ tó fọ́n sílẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè. Kó tó ki ọwọ́ bọ omi, ó yọ lẹ́tà kan nínú àpò àyà rẹ̀, ó nà án sí mi. "Bá mi mú un dání, kó má lọ tutù." Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo tì í sínú báàgì mi.

Wàrà lọ o. Àwọ̀ pupa náà lọ. Ọ̀rọ̀ góòlù ara ọ̀já bọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó léfòó sójú omi. Ọ̀gá di orí mú: "Ọ̀já wa!"

"Ọṣẹ wa dáa," Ẹ̀gbọ́n wí, ó ń fún omi ara rẹ̀ dànù. "Ọ̀já yín ni ò dáa." Ó gbé bàsíà náà mọ́ra, ó sì bi obìnrin Ẹgbẹ́dá léèrè ìsọ̀ tí wọ́n á kọ́kọ́ lọ.

Lọ́sàn-án, mo sáré lọ fún ọmọ lọ́mú. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi, láàárín pámpáàsì àti bébà ìnudí. Títí dòní, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò tíì bi mí léèrè rẹ̀, èmi náà ò sì rán an létí.