Yanrìn Nínú Gàrí Mi

Ara mi kì í gba kí ènìyàn máa fi ojú olè wò mí. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nígbà tí mo ń ṣe gàrí ní Ìlọrà, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, bí oníbàárà bá ti ki ọwọ́ bọ àpò mi dé ìsàlẹ̀ láti wò ó bóyá ti ìsàlẹ̀ rí bí ti òkè, inú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Bẹ́ẹ̀ bí èmi náà bá lọ ra nǹkan lọ́jà, ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn.

Oníbàárà kan ṣoṣo ló gbé òwò mi ró. Ìyá kan láti Ìbàdàn ni, ó jù mí lọ dáadáa, ó ga, kì í sì í yára rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lẹ́kájà ló máa ń wọ̀ wá. Á wo gàrí mi, á tún un wò, á gbé àpò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á padà sílé. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ni mò ń tà fáwọn ará ìlú. Ohun tí mo fi ń ra ẹ̀gẹ́ tí n ó tún fi ṣe gàrí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń wá. Bí ìyá yìí bá kọ̀ mí sílẹ̀, àfi kí n pa iná, kí n lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ní àsìkò yẹn ni ọkọ mi ní kí bíríkìlà kan fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣáájú ìgbà náà, orí ẹní ni a máa ń tẹ́ gàrí sí bí a bá yan án tán, kí ó tutù kí a tó dì í, nítorí gàrí tó bá gbóná wọ inú àpò yóò làágùn, yóò sì bu. Bí ilẹ̀ tuntun yẹn ṣe gbẹ, mo ká ẹní mi kúrò níbẹ̀, mo ní ayé ọ̀làjú la wà. Àwọn aládùúgbò wá wò ó. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bàtà gun ibẹ̀. Opó kan ní àdúgbò wa, Mùsùlùmí tó máa ń kírun tán kó tó wá, ló ń bá mi yan gàrí. Òun ló máa ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ náà láràárọ̀ kí a tó da gàrí sí i, mo sì máa ń dúró tì í títí yóò fi gbá a bí mo ṣe fẹ́.

Ní ọjọ́ kan, mo rí ìyá Ìbàdàn tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì, alábàárù méjì ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ru àpò. Mo kọ́kọ́ rò pé àpò òfìfo ni. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo rí i pé gàrí mi ni wọ́n ń rù padà bọ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Mi ò wá gba káàbọ̀. La ọwọ́ ẹ." Ó tú ẹnu àpò kan, ó bu ẹ̀kúnwọ́ sí mi lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ kí n rí i."

Mo jù ú sẹ́nu. Mo rún un lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan dún kẹrẹ láàárín eyín mi.

"O gbọ́ ọ, àbí o ò gbọ́?" Ohùn rẹ̀ ti ròkè, àwọn èèyàn sì ti ń yọjú. "Ìyá olóúnjẹ tó ń rà á lọ́wọ́ mi da gàrí olómi sí mi lára lójú ọjà. Wọ́n ní mò ń bu yanrìn mọ́ ọn kó lè kún òṣùwọ̀n. Èmi! Ṣé bí o ṣe fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ nìyẹn?"

Kí n má parọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé òun gan-an ló ṣe é. Mo ní bóyá ó dà á nù sílẹ̀ níbẹ̀ ló kó o padà sápò, tàbí ó kàn ń wá bí n ó ṣe dín iye kù fún un. Èébú ti wà lẹ́nu mi. Àmọ́ yanrìn náà ṣì wà láàárín eyín mi, n kò rí i tu. Mo sì wo àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ kò ní sanwó mọ́tò gàrí lálọ tán, kó tún san án lábọ̀. Ì bá kàn ti yà sí Fìdítì tàbí Ìwàrè láti lọ rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, n kò sì ní mọ ohun tí mo ṣe fún un láéláé. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó ṣì wá.

Mo gbé àpótí fún un. Ó jókòó, kò gba omi tí mo bù fún un. Mo bi í bóyá àpò kan ni àbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo bi í níbi tó kó o sí. N kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó sọ tán, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Yanrìn ni lóòótọ́, mo jẹ ẹ́. N kò tíì mọ ibi tó ti wá, àmọ́ a ó jọ wá a. Ẹ̀yin ni kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣe kí ni?"

Mo gbé abọ́ tánganran funfun mẹ́ta jáde. Mo ní kó bu gàrí látinú àpò tó gbé wá sínú ọ̀kan, kó wọ inú yàrá tí mò ń kó gàrí sí, kó mú ibi tó bá wù ú nínú òkìtì tí n kò tíì tà, kó bù ú sínú èkejì. Ẹ̀kẹta, mo ní kó bù ú nínú ìkòkò tó wà lórí iná. Ó wọlé lóòótọ́. Ó tilẹ̀ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá mo kó yanrìn pamọ́ síbẹ̀. Inú bí mi gan-an, mo gbé e mì.

Ó bu omi sí abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó rò wọ́n, ó rọra da gàrí àti omi nù díẹ̀díẹ̀. Yanrìn kì í bá omi lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró. Yanrìn wà nínú abọ́ kìíní. Ó wà nínú èkejì, tí gàrí rẹ̀ kò kúrò nílé mi rí. Ẹ̀kẹta tó wá látorí iná mọ́ tónítóní.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ wá yé mi. Kì í ṣe Ìbàdàn. Kì í ṣe inú ẹ̀gẹ́ tàbí omi tí a fi fọ̀ ọ́. Ilé mi ni, láàárín ìkòkò àti àpò.

Ojú mi lọ sọ́dọ̀ opó tó ń bá mi yan gàrí, nítorí òun ló ń kó o látorí iná, òun ló sì ń dì í. Mo ronú bóyá ó ń bù díẹ̀ lọ sílé rẹ̀ ni, tó ń fi yanrìn dí i. Ó rí bí mo ṣe ń wò ó. Ó ju igbá ìyangàrí sílẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run tí mò ń kírun sí búra, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀!"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀ ọ́n," ni ìyá Ìbàdàn wí.

N kò mọ ohun tí n ó ṣe, mo kàn mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí, bí mo ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí mi. Mo gbá eruku jọ, mo kó o dà nù. Mo tún gbá ojú kan náà. Eruku tún jáde. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kúnlẹ̀, mo fi omi ra àtẹ́lẹwọ́, mo fi tẹ ilẹ̀. Yanrìn lẹ̀ mọ́ ọn.

Sìmẹ́ńtì tí bíríkìlà yẹn pò mọ́ yanrìn kò tó. Ilẹ̀ tí mo fi ń yangàn ti ń rún, bí a bá sì ṣe ń gbá a sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni yanrìn rẹ̀ ń tú sí i. Ìmọ́tótó mi ló ń ba gàrí mi jẹ́. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde kíákíá. Mo bẹ opó náà lójú gbogbo wọn. Ó fún mi lésì, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín sí mi títí di ọjọ́ kejì.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi han ìyá Ìbàdàn. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ó dáa. O ti rí i."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ọkàn kan ní kí n dákẹ́. Àmọ́ mo ti ń ka ọjọ́ padà sẹ́yìn lórí ìkúnlẹ̀, mo sì mọ ìgbà tí ilẹ̀ náà gbẹ. Mo ní, "Mà, àwọn tí ẹ gbé lọ ṣáájú ìwọ̀nyí ńkọ́? Orí ilẹ̀ yìí náà la tẹ́ wọn sí."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn."

"Wọn yóò sọ ọ́."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi?" Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń wá ibi tí ìdẹ wà. Mo ní kó má tà á mọ́, kó dá gbogbo rẹ̀ padà, èmi ni n ó san owó mọ́tò rẹ̀, àpò tuntun ni n ó sì fi rọ́pò wọn. Kò ṣèlérí pé òun yóò padà wá. Ó lọ láìkí mi pé ó dàbọ̀.

Èyí tó wà ní yàrá, n kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Adìẹ jẹ nínú rẹ̀ títí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Mo tú ẹní mi sílẹ̀, mo ra tuntun mọ́ ọn, mo fọ gbogbo rẹ̀, n kò sì jẹ́ kí gàrí kankan kan ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí gàrí tuntun tutù, mo gbé e wọ mọ́tò, mo bá a lọ sí Ìbàdàn fúnra mi, mo gbé abọ́ funfun dání. Mo rí ìyá Ìbàdàn ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo ní kó mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ yẹn. Níwájú obìnrin náà ni mo ti bu gàrí tuntun àti omi sínú abọ́, tí mo rò ó, tí mo dà á nù, tí mo sì sọ fún un pé èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe oníbàárà mi. Ìyá Ìbàdàn dúró lẹ́yìn mi. Nígbà tí a ń padà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó bá mi gbé e.

Ó padà wá sí Ìlọrà. Àmọ́ kí ẹ má rò pé ó ti gbà mí gbọ́. Fún ìgbà pípẹ́, kò tíì kí mi tán tí yóò fi béèrè abọ́ funfun. Á mú gàrí níbi tí ọkàn mi kò lọ, á rò ó, á dà á nù, á gbé abọ́ sí oòrùn, á fi ìka ra ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èmi náà á dúró tì í. Bí òjò, bí ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń gbé abọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì gàrí kó tó béèrè, n kò sì jẹ́ kó rí i lójú mi pé ó ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ó dé, ó sì gbé abọ́ náà bí ìṣe rẹ̀. Ó bu gàrí sí i, ó da omi sí i. Mò ń retí kó máa rò ó. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ṣúgà àti ẹ̀pà jáde.

"Ṣé o ní ṣíbí?" ni ó wí. "Ebi ń pa mí."

Ó jókòó sórí àpótí, ó jẹ ẹ́, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbé abọ́ náà sẹ́nu, ó mu ún tán, kò wo inú rẹ̀.