Ohun tí Ooru Ń Yọ́, Ohun tí Ooru Ń Lé

Lọ́dún tí nǹkan le, tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ wá, mo kúrò ní Oǹdó lọ sí Ọ̀bà-Ilé létí Àkúrẹ́. Kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi ilé ìwé girama sílẹ̀. Bàbá kan, ará Oǹdó bíi tèmi, ló gbà mí kí n máa bá òun tọ́jú ẹja. Tíṣà kẹ́místìrì ni kó tó fẹ̀yìntì, Tíṣà náà ni mo sì ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Èmi àti òun nìkan ló wà nínú ọgbà náà, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lóòjọ́ kò sì ju ohun tí ẹnu kan lè sọ kí oúnjẹ tó jinná.

Ẹja àrọ̀ ló ń tà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé, ó ní tánkì kékeré kan tí kò jìn, tí ẹpìyà bíi ogún wà nínú rẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe fún títà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara wọn mú àwọn àkọ́kọ́ wọn nínú odò ní Bọ́lọ́rundúró, ìran wọn ló ṣẹ́kù. Bó bá ń fún wọn lóúnjẹ, a máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó lẹ bébà gíráàfù méjì mọ́ ògiri àgọ́ tí a ń kó oúnjẹ ẹja sí. Lálẹ́ kò sí iná, nítorí náà ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ló máa ń pè mí.

"Ọmọ Oǹdó, wá ká ka ìlà."

Bébà àkọ́kọ́ ni ti oògùn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò tí à ń fi wo àrùn ara ẹja. Ìlà ìsàlẹ̀ ń sọ bí omi ṣe gbóná tó, ìlà ẹ̀gbẹ́ ń sọ iye gíráàmù tó lè yọ́ sínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù omi. Á ní kí n fi ìka lé ogójì dígírì, kí n gbé e gòkè tààrà títí yóò fi kan ìlà tó tẹ̀, kí n wá yà sí ẹ̀gbẹ́.

"Èló?"

"Méjìlá àbọ̀, sà."

"Ogún dígírì ńkọ́?"

"Mẹ́fà àti díẹ̀, sà."

"Ó dáa. Bí mo bá po méjìlá nínú omi ogójì, tí omi náà wá tutù dé ogún, níbo ni ìyókù máa lọ?"

"Á wálẹ̀ sí ìdí ìgò, sà."

Á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi ń sùn.

Bébà kejì, ìlà rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ ni. A kò tíì kà á rí. Kí n má purọ́, mo rò pé ó lẹ̀ ẹ́ sódì ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ́ mi nílé, òun náà ni wọ́n fi kọ́ mi níléèwé: yọ́. Òrí yọ́ lórí iná. Iyọ̀ yọ́ nínú ọbẹ̀. Ṣúgà yọ́ nínú tíì gbígbóná kíákíá ju ti omi tútù lọ. Lójú mi, ooru ni bàbá yíyọ́.

Nígbà tó di ìgbà ọyẹ́, nǹkan funfun mú ẹpìyà lára. Tíṣà fi omi gbígbóná po oògùn sínú ìgò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó dà á sínú tánkì díẹ̀díẹ̀, ó sì wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, torí ìrántí ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bá mi mójú tó wọn," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, otútù mú gan-an. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, kò síná. Àwọn ẹja dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, wọn ò mira. Ẹ̀rù bà mí. Tíṣà ti sọ fún mi rí pé atẹ́gùn tó yọ́ sínú omi ni ẹja ń mí. Mo wá rò ó: bí ooru bá ń jẹ́ kí nǹkan yọ́, omi tí mo bá sè á yọ́ atẹ́gùn fún wọn ju omi tútù lọ. Mo dáná. Ìyá tó ń ta igi ìdáná lójúde wa, ọmọ Àkúrẹ́, rí mi pẹ̀lú ìkòkò mẹ́ta.

"Ọmọ Oǹdó, àlejò ló dé sí ulé yín ni?"

"Omi ẹja ni, mà."

"Yéè! Ẹja fẹ́ mu tíì! Bá wọn ra búrẹ́dì kún un o!"

Mo sè é, mo bò ó títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo gbọ́n omi tánkì dé ìdajì, mo sì rọra fi omi mi rọ́pò. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi gòkè. Wọ́n na ẹnu sójú omi, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé. Ọlọ́run gbọ́, mo rò pé wọ́n ń yọ̀ ni. Mo dúró tì wọ́n, inú mi ń dùn. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tí wọ́n fi yí ikùn sókè.

Nígbà tí Tíṣà dé, kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ sí etí tánkì pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

"Kí lo fún wọn?"

"Oúnjẹ nìkan, sà."

Ó lọ mú ìgò oògùn wá, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Díẹ̀ nínú wóró oògùn àlùkò náà ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Ó tutù mọ́jú. Oògùn ti sọ̀ sísàlẹ̀, mo sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lé wọn lórí," ló wí. "Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ fọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò wọn oògùn fún ẹja kankan mọ́. Á pè mí: "Wá bá mi kà á. Ojú mi ò dá mi lójú mọ́." Á dúró sẹ́yìn mi, á béèrè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà gbà á gbọ́ pé oògùn ló pa wọ́n. Irọ́ tí mo pa kò jẹ́ kí n sùn, síbẹ̀ mo ń sọ fún ara mi pé irọ́ kékeré ni.

Àfìgbà tí ìyá onígi ṣe ìdúpẹ́ ọmọ rẹ̀, tó fi mínírà méjì ránṣẹ́ sí wa. Mo gbàgbé ọ̀kan sínú oòrùn, mo fi ìkejì sínú àmù. Tíṣà ṣí ti inú àmù, ó dún ṣííì, ó dákẹ́. Ó ṣí ti inú oòrùn, ó hó jáde, ó ta sí i láṣọ. Ẹ̀rín pa á, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà.

"Ìlà kejì nìyẹn," ló wí, ó nàka sí ògiri. "Gáàsì. Ohun líle bí oògùn yẹn, ara rẹ̀ dì mọ́ra, ooru ló ń bá omi tú u ká. Kì í ṣe gbogbo wọn o: iyọ̀ ọbẹ̀, ìlà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n gáàsì ti túká tẹ́lẹ̀. Bí omi bá gbóná, okun ló ń fún un láti sá jáde."

"Bí èèyàn bá wá se omi náà ńkọ́, sà?"

"Omi sísè? Òkú omi ni fún ẹja. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ti lọ."

Mo kó ìgò méjèèjì jáde, mo lọ dúró sí etí tánkì.

Ọjọ́ kejì ni mo tó lè sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú àgọ́ náà, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un: ìkòkò mẹ́ta, ẹnu tí wọ́n ń là, oúnjẹ nìkan tí mo wí. Kò gbá mi. Ó yí padà sí ògiri, ó fi ìka ara rẹ̀ lé ogún dígírì, ó gbé e gòkè, ó yà sí ẹ̀gbẹ́.

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ò tó ohun tó lè pa wọ́n nígbà náà?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà láàyè ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ò ṣì í kà, sà."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Dìde."

Kò lé mi lọ. Oúnjẹ mi kò dín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọn oògùn àrọ̀, ó sì pò ó fúnra rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, ó ṣì ń dùn sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgọ́, mo ń retí. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń ka ìlà náà sókè fún ara rẹ̀, bó ṣe ń béèrè tó sì ń dáhùn. Kò pè mí.