Ajá Ńlá Nínú Àgbàlá Àjọgbé

Yàrá kan ni mo yá ní àdúgbò Komah, ní ìlú Sokodé ní Togo, nínú àgbàlá tí ìdílé mẹ́rin jọ ń lò. N kò sin ajá rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ọ̀kan tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mi. Dókítà ẹran tí mo lọ bá fi ajá méjì hàn mí, ó ní: "Kékeré yìí ni kí ẹ mú. Òun náà á gbó bí àjèjì bá wọlé. Ńlá yẹn fẹ́ ààyè, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi, ọmọ ìlú Kambolé, kí n máa fa ajá tí kò ju ológbò lọ kiri? Ńlá ni mo mú.

Mo so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà mi, ó ń fò mọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí ìyá àgbà tó ń gbé yàrá kejì, tó máa ń ṣe àlùwàlá nínú àgbàlá wa, tó ń gbé búútà omi rẹ̀ jáde.

"Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé kejì ni, ọmọ mi. Ajá rẹ ò tíì mọ̀ mí ni."

Ojú tì mí. Mo dá ajá náà padà fún dókítà lọ́jọ́ kejì. Títí di òní, bí ajá náà kò tilẹ̀ sí mọ́, ilé kejì ni ìyá ti ń ṣe àlùwàlá.